Fóònù Ti Kún: Kí Ni Kí N Pa Rẹ́, Kí Ni Kí N Má Fọwọ́ Kàn?

Àwọn ìbéèrè tí oníbàárà ń gbé wá sí ìsọ̀ mi ní Tanke, n'Ílọrin, nìyí. Mo tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn. Fóònù Android ni mo fi ń sọ̀rọ̀, mo sì kọ orúkọ bọ́tìnnì bó ṣe wà lójú fóònù, torí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa bá a.

Fóònù mi ń kọ ọ́ pé ààyè ti tán. Kí ló gba gbogbo ààyè náà?

Ẹ ṣí Settings, kí ẹ wọ Storage. Fóònù á pín in fún yín níbẹ̀: iye tí áàpù gbà, iye tí fọ́tò àti fídíò gbà, iye tí sístẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀ gbà. Ti sístẹ́ẹ̀mù kò ṣeé dín. Ẹni tó ra fóònù 32 GB kò rí 32 GB lò láti ọjọ́ tó ti gbé e kúrò nínú páálí, torí Android àti àwọn áàpù tó bá fóònù wá ti jókòó lórí apá kan.

Ohun kan wà tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, fọ́tò àti fídíò tó gba WhatsApp wọlé, abẹ́ Images àti Videos ni fóònù máa ń kà wọ́n sí. Ẹni tó bá wo WhatsApp láàárín àwọn áàpù á rí i pé kò gbà ju ìwọ̀nba lọ, á wá máa wá ẹlẹ́bi káàkiri, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́bi ti dúró níwájú rẹ̀.

Kí ni cache? Tí mo bá tẹ Clear cache, kí ló máa lọ?

Cache ni ohun tí áàpù kó sí ìtòsí kó má baà máa padà lọ gbé e ní gbogbo ìgbà. Fọ́tò tẹ́ ẹ rí lórí Facebook láàárọ̀, áàpù náà ti tọ́jú ẹ̀dà kan sínú fóònù yín, kó lè tètè jáde tẹ́ ẹ bá padà síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ìyá olóúnjẹ náà kì í rìn dé ìdí ìkòkò ńlá lórí gbogbo abọ́. Ó ti bu ọbẹ̀ sínú abọ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọbẹ̀ inú abọ́ kékeré yẹn nìkan ni Clear cache ń dà nù. Kò kan ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá èèyàn sọ, kò kan fọ́tò yín, kò lé yín jáde nínú áàpù, ẹ kò sì ní tún páásíwọ́ọ̀dù kọ. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé áàpù náà á falẹ̀ díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí i, á sì jẹ dátà díẹ̀, nítorí ó ń lọ gbé ohun tẹ́ ẹ dà nù padà wá.

Ọ̀nà rẹ̀ ni: Settings, Apps, ẹ mú áàpù náà, ẹ wọ Storage (àwọn fóònù kan kọ ọ́ sí Storage & cache), ẹ tẹ Clear cache.

Ṣé owó mi ò ní lọ tí mo bá tẹ Clear cache lórí áàpù báńkì?

Rárá. Cache yìí kọ́ ni káàṣì tẹ́ ẹ mọ̀. Mo ti dáhùn èyí tó ìgbà tí mi ò lè kà mọ́, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ bá ẹni tó bi mí wí, torí ohùn kan náà la fi ń pè wọ́n. Inú ìwé báńkì lowó yín wà, kò sí nínú fóònù.

Mo pa cache rẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tó fi di Àìkú ó ti tún kún. Kí ló dé?

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń lo áàpù náà ló ń kó òmíràn jọ. Ẹ má fi Clear cache ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́: dátà lẹ ń sun, ààyè tẹ́ ẹ rí kò sì pẹ́ lọ́wọ́ yín. Android fúnra rẹ̀ máa ń da cache àwọn áàpù nù tí ààyè bá ti há jù. Ìgbà tó wúlò ni ìgbà tí áàpù kan ń ṣe ségesège, tàbí tẹ́ ẹ bá nílò ààyè díẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láti ya fọ́tò kan ṣoṣo níbi ìkómọ.

Clear data ńkọ́? Ṣé dátà tí mo rà ni yóò pa rẹ́?

Kì í ṣe ti MB tẹ́ ẹ rà. Data ibí yìí ni gbogbo ohun tí áàpù náà mọ̀ nípa yín: orúkọ tẹ́ ẹ fi wọlé, ètò tẹ́ ẹ ṣe sínú rẹ̀, ohun tẹ́ ẹ gbà wálẹ̀ sínú rẹ̀, ìtàn ohun tẹ́ ẹ ti fi ṣe. Fóònù kan kọ ọ́ ní Clear data, òmíràn kọ ọ́ ní Clear storage. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ bá tẹ̀ ẹ́, áàpù náà á padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e wọlé, bí ilé tí wọ́n kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ jáde. Cache náà á bá a lọ. Áàpù báńkì kò ní dá yín mọ̀ mọ́, ẹ máa tún fóònù yín fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Tí nọ́ńbà tí báńkì mọ̀ kò bá sí lọ́wọ́ yín mọ́, wàhálà nìyẹn. Áàpù Kùránì tẹ́ ẹ ti gba ohùn gbogbo súrà sínú rẹ̀ ṣáájú Ramadan, ohùn yẹn á lọ, ẹ máa tún fi dátà gbà á.

Áàpù wo ni mo lè tẹ Clear storage lé lórí láìbẹ̀rù?

Èyí tí ohun inú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni í, tẹ́ ẹ sì rántí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Facebook wà nínú wọn, TikTok náà, àyàfi fídíò tẹ́ ẹ ti ń ṣe lọ́wọ́ tẹ́ ẹ kò tíì gbé síta, tó wà ní Drafts: ìyẹn ò sí níbòmíì àfi inú fóònù yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá ẹ lè wọlé padà lónìí olónìí, lórí fóònù ẹlòmíràn. Tí ìdáhùn yín bá ń mì lẹ́sẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Tí mo bá tẹ Clear storage lórí WhatsApp ńkọ́?

Ibí ni wọ́n ti máa ń fi omijé wá bá mi. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá èèyàn sọ lórí WhatsApp, inú fóònù yín ló wà. WhatsApp kò tọ́jú ìwé rẹ̀ fún yín níbì kankan, àfi tẹ́ ẹ bá ti ṣe bákọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀dà tẹ́ ẹ fi pamọ́. Ẹ bá tẹ Clear storage, gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti bá ènìyàn sọ á lọ, WhatsApp á sì bi yín ní nọ́ńbà bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Fọ́tò àti fídíò ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, fódà kan tó ń jẹ́ WhatsApp ni wọ́n ń wà, lójú táyé, tí ohun tẹ́ ẹ ṣe sí áàpù kò sì kàn án. Láti Android 11 ni wọ́n ti kó o wọ abẹ́ orúkọ áàpù náà:

```
Android/media/com.whatsapp/WhatsApp
```

Ohun tó bá wà lábẹ́ orúkọ áàpù lè bá áàpù náà lọ. Inú fódà yìí kan náà ni bákọ́ọ̀pù tí WhatsApp ń ṣe sínú fóònù lóru wà. Nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé ó máa dúró dè yín. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tàbí mẹ́mórì káàdì.

Tí ààyè lẹ ń wá, ẹ má tilẹ̀ lọ síbi Clear storage lórí WhatsApp.

Níbo wá ni mo ti máa rí ààyè?

Nínú fídíò, ohùn àti fọ́tò tí WhatsApp ń gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo ṣe láìpẹ́. Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè ní Ọjà Ọba gbé fóònù 32 GB wá. Kò lè ya fọ́tò aṣọ tuntun fún oníbàárà mọ́, àwòrán kò sì wọlé. Ó ku nǹkan bíi 300 MB. Ọmọ rẹ̀ ti ní kí ó pa gbogbo WhatsApp rẹ́ kó tún un gbé wọlé. Mo ní, «Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ ná.»

A kọ́kọ́ wo cache: ti Facebook jẹ́ 410 MB, ti WhatsApp kò tó 100. A pa méjèèjì rẹ́, ìdajì GB nìyẹn. Lẹ́yìn náà a ṣí WhatsApp fúnra rẹ̀: Settings, Storage and data, Manage storage. Ó kọ 9.6 GB sókè. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ó to àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ láti orí ẹni tó gba ààyè jù. Gúrúùpù ẹbí ló wà lókè pátápátá pẹ̀lú 3.4 GB, gúrúùpù wáàsí Alfa kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú 2.7 GB. Oníbàárà aṣọ òkè tí ìyá ń bẹ̀rù pé á sọnù, gbogbo wọn lápapọ̀ kò tó 1 GB.

A tẹ Larger than 5 MB. Ibẹ̀ ni fídíò wáàsí wà, bí a ti ń rí i ọ̀kan wà lẹ́ẹ̀mẹta láti ọwọ́ ẹni mẹ́ta. Ìyá jókòó tì mí, ó ń yan: èyí lọ, èyí lọ, èyí fídíò ìsìnkú bàbá mi, ẹ fi sílẹ̀. Nígbà tí a parí, 5.1 GB ti kúrò. A wọ Forwarded many times, a tún rí 0.6 GB, púpọ̀ nínú rẹ̀ «ẹ kú òwúrọ̀» olódòdó. WhatsApp kù sí 3.9 GB, fóònù sì ní nǹkan bíi 6.5 GB lófo. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó lọ, kò sí oníbàárà tó sọnù. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló gbà wá, ìdajì rẹ̀ sì ni ìyá fi ń wo fídíò tó fẹ́ pa rẹ́.

Ẹ ṣọ́ra: ohun tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ ní Manage storage kò kọjá sí ibi ìdàlẹ̀nù kankan tẹ́ ẹ ti lè kó o padà. Tó bá ti lọ, ó ti lọ. Tó bá sì bi yín nípa ẹ̀dà, torí fídíò kan náà wà nínú gúrúùpù méjì, àfi tẹ́ ẹ bá gbà kó pa gbogbo ẹ̀dà rẹ́ ni ààyè náà fi máa padà.

Kí ni ìyàtọ̀ Clear chat àti Delete chat?

Clear chat ń gbá inú rẹ̀ mọ́, orúkọ ẹni náà á ṣì wà lórí tábìlì yín. Delete chat gbé orúkọ náà kúrò pẹ̀lú. Méjèèjì pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ẹ wo àpótí kékeré tó máa ń jáde kẹ́ ẹ tó gbà: ó ń béèrè bóyá kó pa fọ́tò àti fídíò tó wá láti ibẹ̀ rẹ́ nínú gálárì. Bẹ́ ẹ bá yọ àmì inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ló máa lọ, fídíò á dúró, ẹ kò sì ní rí ààyè kankan tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ kò wúwo. Ọ̀rọ̀ ọdún kan kò tó fídíò wáàsí kan.

Mo pa fídíò rẹ́ nínú gálárì, ààyè kò yí padà.

Ó wà ní Trash. Gálárì Samsung máa ń tọ́jú ohun tẹ́ ẹ pa rẹ́ fún 30 ọjọ́. Google Photos ń tọ́jú tirẹ̀ fún 60 ọjọ́ tó bá ti ní ẹ̀dà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, 30 ọjọ́ tí kò bá ní. Ní gbogbo àkókò yẹn ó ṣì lè máa gba ààyè nínú fóònù. Ẹ wọ Trash tàbí Bin, ẹ dà á nù.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni fódà Sent. Fídíò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ láti gálárì, WhatsApp ń ṣe ẹ̀dà tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ lè pa ti gálárì rẹ́ kí ti Sent ṣì wà níbẹ̀ tó ń sùn. Áàpù fáìlì inú fóònù ni kẹ́ ẹ fi wọ WhatsApp Video, kí ẹ wá ṣí Sent.

Tí mo bá pa fọ́tò rẹ́ lọ́dọ̀ mi, ṣé yóò kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́?

Rárá, àfi ẹni náà bá pa tirẹ̀ rẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ yín, ibi tí fọ́tò wà á ṣókùnkùn, á di bàìbàì. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, títẹ̀ ẹ́ lè gbà á padà. Tó bá ti pẹ́, WhatsApp á ní kẹ́ ẹ ní kí ẹni náà tún un fi ránṣẹ́, ìyẹn náà sì sinmi lórí bóyá kò tíì pa tirẹ̀ rẹ́.

Ohùn bàbá mi tó ti kú wà nínú WhatsApp mi. Báwo ni mi ò ṣe ní pa á rẹ́ lójú àṣìṣe?

Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú WhatsApp nìkan. Ẹ tẹ ohùn náà mọ́lẹ̀, ẹ tẹ àmì Share, ẹ fi í sí Google Drive tàbí ẹ fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Ẹ ṣí i níbẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ títí dé òpin, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Fífi ìràwọ̀ sí i kò tó, torí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín gbà kí tìràwọ̀ náà lọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbá inú rẹ̀ mọ́. Arákùnrin kan láti Òmù-Àrán ni mo ṣe èyí fún, ohùn 47 ìṣẹ́jú-àáyá péré, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà.

Báwo ni mo ṣe máa dá a dúró kó má baà tún kún?

Nínú WhatsApp: Settings, Storage and data, ẹ wá Media auto-download. Àyè mẹ́ta ló wà: ìgbà tẹ́ ẹ wà lórí dátà, ìgbà tẹ́ ẹ wà lórí Wi-Fi, ìgbà tẹ́ ẹ wà lókè òkun. Ẹ yọ Videos kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kéré tán. Láti ìgbà yẹn, fídíò á dúró kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé.

Àwọn kan ń pa Media visibility dípò, wọ́n rò pé iṣẹ́ kan náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ń fi wọ́n pamọ́ fún gálárì ni, wọ́n ṣì wà nínú fóònù bó ṣe wà.

Ní Telegram, mo rí Clear cache nínú áàpù náà fúnra rẹ̀. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá. Clear cache inú Telegram (Settings, Data and Storage, Storage Usage) ń pa fọ́tò, fídíò àti fáìlì tẹ́ ẹ ti gbà wọlé rẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Telegram gan-an ni ojúlówó wọn wà, tẹ́ ẹ bá padà tẹ̀ wọ́n, wọ́n á tún wọlé. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wà ní Secret Chat ni kó ṣọ́ra, torí inú fóònù nìkan ni ìyẹn wà. Fún ẹni tó ń gba ìwé tàbí fídíò ẹ̀kọ́ lórí Telegram, bọ́tìnnì yìí ló dára jù láti fi tú ààyè sílẹ̀.

WhatsApp ní kí n ṣe bákọ́ọ̀pù, ó wá kọ̀ láti ṣe é.

Ibi méjì ni ààyè lè ti tán. Àkọ́kọ́, nínú fóònù: WhatsApp nílò àyè láti di bákọ́ọ̀pù kó tó gbé e lọ, tí fóònù bá kún fọ́fọ́, kò ní lè dì í. Èkejì, lórí Google: 15 GB ọ̀fẹ́ ni gbogbo yín ní, Gmail àti Google Photos ń jẹ nínú rẹ̀, láti ìparí 2023 sí 2024 sì ni bákọ́ọ̀pù WhatsApp náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pa fídíò ńlá rẹ́ ní Manage storage, lẹ́yìn náà ẹ ṣe bákọ́ọ̀pù. Ẹ yọ àmì Include videos, á fúyẹ́ gan-an. Tẹ́ ẹ bá yan bákọ́ọ̀pù tí ó ní páásíwọ́ọ̀dù tàbí kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 64, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ kò ní rí ìrànlọ́wọ́ gbà lọ́dọ̀ WhatsApp tàbí Google.

Mo ti tẹ Clear storage lórí WhatsApp, mi ò sì ṣe bákọ́ọ̀pù. Ṣé ó ti tán?

Ó lè má tíì tán, ẹ má tíì tẹ nọ́ńbà yín wọlé. Ẹ ṣí áàpù fáìlì, ẹ lọ wo:

```
Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Databases
```

Tẹ́ ẹ bá rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `msgstore`, Ọlọ́run ṣe é fún yín. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, ẹ kó ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn, kẹ́ ẹ tó padà sí WhatsApp. Ẹ lo nọ́ńbà àtijọ́ gan-an. Tó bá ní òun rí bákọ́ọ̀pù, ẹ tẹ Restore. Àṣìṣe tí mo rí jù ni Skip, nítorí ìkánjú.

Tí fódà náà bá ṣófo, tí Google Drive náà kò sì ní nǹkan kan, àwọn gúrúùpù yín á ṣì padà wá, torí orúkọ yín wà nínú wọn, ṣùgbọ́n láìsí ọ̀rọ̀ àtijọ́ nínú wọn. Ìyẹn la ṣe fún akọ̀wé ìpàdé kan: a pe ẹni méjì nínú gúrúùpù náà, a ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ owó oṣù mẹ́ta tó kọjá ránṣẹ́ padà sí i. Ó rí gbogbo rẹ̀ gbà, àfi ti ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn náà ti pa rẹ́.